Ihò íápíìsì tí ń mì lára fóònù àtijọ́: bí a ṣe ń mọ ibi tí ohùn ti ń já kí a tó tú fóònù

Bí íápíìsì bá ń dún tí ó tún ń dákẹ́, tí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí a bá fi ìka ti ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ohùn ń padà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òṣogbo kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n ra íápíìsì mìíràn. Bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà bá tún ń ṣe bákan náà, wọn yóò gbé fóònù lọ fún ẹnjinía, wọn yóò sì sọ fún un pé ihò rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tó fún ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́, nítorí pé ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè fa àìsàn kan náà: okùn íápíìsì lè ti já nínú rọ́bà rẹ̀, ìdọ̀tí lè ti kún inú ihò, irin tí ń kan ẹnu íápíìsì lè ti jẹ tàbí kí ó ti rọ̀, òjé tí wọ́n fi jó ihò náà mọ́ bọ́ọ̀dù sì lè ti sán. Èyí àkọ́kọ́ kò kan fóònù rárá. Èkejì kò gbà ju igi ìtayín àti sùúrù lọ. Èkẹta àti ìkẹrin ni ó tó kí a tú fóònù sí. Etí wa àti ìka wa lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láìsí irin-iṣẹ́ kankan, bí a bá mọ ohun tí a ń tẹ́tí sí, ìyẹn ni ìtọ́sọ́nà yìí sì dá lé lórí.

Ohun tí ó wà nínú ihò náà

Ẹ mú ẹnu íápíìsì tí ó ní máìkì lọ́wọ́ kí ẹ wò ó dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3.5, gígùn apá tí ń wọ inú ihò sì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 14. Òrùka rọ́bà mẹ́ta ni ẹ óò rí lára rẹ̀, àwọn òrùka wọ̀nyí ni ó pín irin náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Ṣóńṣó orí rẹ̀ ni ó ń gbé ohùn lọ sí etí òsì. Apá tí ó tẹ̀ lé e ń gbé ohùn lọ sí etí ọ̀tún. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń lò lóde òní, apá kẹta ni ọ̀nà àbọ̀, níbi tí iná tí ó gba etí méjèèjì kọjá ti ń padà sínú fóònù, apá kẹrin tí ó sún mọ́ ìdí sì jẹ́ ti máìkì. Àwọn fóònù àtijọ́ kan wà tí wọ́n pààrọ̀ ipò apá kẹta àti ìkẹrin, ìdí sì nìyí tí íápíìsì kan fi lè dún dáadáa nínú fóònù kan kí ó sì máa dún lọ́nà òdì nínú òmíràn láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. Íápíìsì tí kò ní máìkì ní òrùka méjì péré, apá mẹ́ta ni ó sì ní.

Nínú ihò, irin pẹlẹbẹ kan wà fún apá kọ̀ọ̀kan. A tẹ irin yìí kọ́rọ́ díẹ̀ kí ó lè máa ta padà, kí ó sì máa fi agbára tirẹ̀ tẹ ẹnu íápíìsì. Irin ìfarakàn ni n ó máa pè é láti ibí lọ. Èyí tí ó kan ṣóńṣó a máa bọ́ sínú ọrùn tóóró tí ó wà lẹ́yìn ṣóńṣó náà, ìyẹn ni ó ń dún “kọ́” nígbà tí íápíìsì bá wọlé tán, òun náà ni kì í jẹ́ kí íápíìsì yọ́ jáde fúnra rẹ̀. Irin mìíràn tún wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó sọ fún fóònù pé nǹkan ti wọ inú ihò, kí fóònù lè pa sípíkà ara rẹ̀.

Irin ìfarakàn jẹ́ àdàpọ̀ bàbà, a sì fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú ibi tí ó ti ń kan íápíìsì, nítorí pé wúrà kì í dógùn-ún. Wúrà náà kò nípọn rárá. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ti íápíìsì bọ inú ihò tí a sì fà á jáde, irin ń ha irin, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, wúrà náà a máa tán níbi kan ṣoṣo tí ara ti ń kan ara. Bí fóònù bá wà nínú àpò nígbà tí a ń rìn, ẹnu íápíìsì a máa gbọ̀n wọ́ọ́rọ́wọ́ inú ihò. Gbígbọ̀n yìí ń lọ irin tí wúrà ti tán lára rẹ̀, ìyẹ̀fun dúdú tí kì í gbé iná kọjá a sì jókòó sí àárín irin méjèèjì. Ìdí nìyí tí ohùn fi ń padà bí a bá yí íápíìsì díẹ̀, nítorí pé yíyí náà ti ha ìyẹ̀fun yẹn kúrò fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan tàbí ọjọ́ kan, ohùn yóò tún já.

Mímì ní tirẹ̀ ti ọ̀dọ̀ agbára tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ wá. Bí a bá fi fóònù sínú àpò tí ẹnu íápíìsì sì kọjú sí ìsàlẹ̀, tàbí tí a bá dùbúlẹ̀ lé e lórí, apá tí ó yọ síta a máa gbé gbogbo ìwúwo náà wọ inú ihò, a sì máa ti irin ìfarakàn kọjá ibi tí ó ti lè ta padà. Irin tí a bá ti tì kọjá ibẹ̀ kò ní padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Agbára kan náà a tún máa fa àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké tí a fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù, títí òjé yóò fi sán yíká ẹsẹ̀ kan.

Kí a kọ́kọ́ yọ ohun tí kì í ṣe ihò kúrò

Ẹ yọ ìbora rọ́bà tí ó wà lára fóònù kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ìbora tí ó nípọn kì í jẹ́ kí ẹnu íápíìsì tí ìdí rẹ̀ tóbi wọlé tán, bí ó bá sì ku mìlímítà kan péré, apá kan lè máa kan irin tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti rí fóònù tí wọ́n ti tú nítorí ọ̀rọ̀ tí yíyọ ìbora ìbá ti yanjú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi íápíìsì yìí sínú fóònù mìíràn tí ẹ mọ̀ pé ihò rẹ̀ dára, kí ẹ sì fi íápíìsì mìíràn sínú fóònù yìí. Ọ̀nà méjèèjì ni kí ẹ dán wò. Àwọn íápíìsì olówó pọ́ọ́kú kan wà tí ẹnu wọn kò tó mìlímítà 3.5 géérégé, tí yóò máa mì nínú ihò tí kò ní àléébù, nítorí náà, ẹ má ṣe dá fóònù lẹ́bi nítorí íápíìsì kan ṣoṣo.

Bí ó bá jẹ́ pé etí kan ni kò dún, ẹ wo inú fóònù náà. Nínú fóònù Áńdírọ́ọ̀dù, ẹ ṣí `Settings`, kí ẹ wọ `Accessibility`, kí ẹ sì wá ibi tí a ti ń pín ohùn sí òsì àti ọ̀tún, bóyá ẹnìkan ti fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Níbẹ̀ ni ẹ óò ti rí `Mono audio` pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ó wà ní pípa nígbà tí ẹ bá ń ṣe àyẹ̀wò, nítorí pé ó ń da ohùn òsì àti ọ̀tún pọ̀, a kò sì ní lè gbọ́ ìyàtọ̀ tí a ń wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ̀ nígbẹ̀yìn pé irin etí kan ló bàjẹ́ tí owó àtúnṣe kò sì tíì sí, ẹ tàn án, kí gbogbo ohùn lè máa jáde ní etí kejì.

Ẹ tẹ́tí sí ohun tí ó sọnù

Ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dáadáa sí i, èyí tí akọrin ń kọ láàárín tí ìlù àti jìtá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ẹ fi íápíìsì sí etí, kí ẹ sì jẹ́ kí fóònù wà lórí tábìlì.

Bí etí òsì nìkan bá ń dákẹ́, irin ṣóńṣó ni kí ẹ fura sí. Nítorí pé irin yìí ló jìnnà jù nínú ihò, ìdọ̀tí tí ó kóra jọ sí ìsàlẹ̀ ni ó sábà máa ń fà á, kì í ṣe jíjẹ. Bí etí ọ̀tún nìkan bá ń dákẹ́, irin kejì ni.

Èyí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni ìgbà tí ohùn akọrin bá sọnù ṣùgbọ́n tí ìlù àti ohun èlò orin ṣì ń dún, tí gbogbo rẹ̀ sì ń dún bí ẹni pé ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fóònù ni kò lágbára mọ́ tàbí pé orin náà ni kò dára. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà àbọ̀ ti já. Etí méjèèjì ló ń lo ọ̀nà àbọ̀ kan ṣoṣo, bí ọ̀nà yẹn bá sì ti ṣí, iná tí ó jáde láti òsì kò ní ibòmíràn tí yóò gbà padà ju inú etí ọ̀tún lọ. Ohunkóhun tí ó bá rí bákan náà ní òsì àti ọ̀tún yóò máa ti ara wọn padà, kò sì ní dún. Ohùn akọrin sábà máa ń wà láàárín, ìyẹn ni pé ó dọ́gba ní etí méjèèjì, nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ sọnù. Ohun tí ó yàtọ̀ láàárín òsì àti ọ̀tún nìkan ni a óò máa gbọ́.

Ọ̀nà kan wà láti fi ìdí èyí múlẹ̀: ẹ fi ìwàásù tàbí ìròyìn tí ẹnìkan ṣoṣo ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ sí i. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ dọ́gba pátápátá ní etí méjèèjì, bí ọ̀nà àbọ̀ bá sì já, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún rárá. Tí orin bá ń dún lọ́nà jíjìn, tí ìròyìn sì ń pa rẹ́ mọ́ni létí, ẹ má ṣe wá ohun mìíràn mọ́, irin kẹta ni. Rédíò inú fóònù náà yóò jẹ́rìí sí i, nítorí pé okùn íápíìsì ni fóònù ń lò bí eríàlì, ọ̀nà àbọ̀ yìí sì ni ìgbì rédíò ń gbà wọlé. Bí irin kẹta kò bá kan dáadáa, ẹ óò gbọ́ pé ilé iṣẹ́ rédíò tí ó wà nínú ìlú gan-an ń ṣe “ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀”.

Bí orin bá ń dúró fúnra rẹ̀, tí ó ń fò sí orin mìíràn, tàbí tí fóònù ń fẹ́ pe nọ́ńbà tí a pè kẹ́yìn láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan nǹkan, irin máìkì ló ń kan ọ̀nà àbọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnì tí ó wà lára okùn íápíìsì ń ṣiṣẹ́ nípa síso méjèèjì yìí pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, fóònù kò sì lè mọ̀ bóyá ìka ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́ tàbí irin tí ń mì. Bí àmì íápíìsì bá sì wà lójú fóònù nígbà tí kò sí nǹkan nínú ihò, irin tí ń ròyìn ìwọlé ti há sí ipò kan, tàbí kí ìdọ̀tí máa tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń mì í

Ẹ ṣe é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀, nítorí pé bí a bá kàn di ẹnu íápíìsì mú tí a sì ń gbọ̀n ọ́n kiri, ohùn yóò máa wá, yóò máa lọ, a kò sì ní mọ ohun tí ó fà á.

Àkọ́kọ́, ẹ yí ẹnu íápíìsì po nínú ihò láìtẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Bí ó bá ń ha gérígérí tí ohùn sì ń mọ́ bí ẹ ti ń yí i, ojú irin ló dọ̀tí tàbí tí ó dógùn-ún.

Èkejì, ẹ dáwọ́ yíyí dúró, kí ẹ fi ìka kan tẹ ìdí rẹ̀ pẹ̀lẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin: sí ojú fóònù, sí ẹ̀yìn rẹ̀, sí òsì àti sí ọ̀tún. Bí ohùn bá ń já ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó sì ń padà ní ọ̀nà òdìkejì rẹ̀, irin ìfarakàn ti rọ̀ tàbí òjé ti sán. Ẹ rántí ọ̀nà tí ó jẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá máa gbé e lọ fún ẹnjinía.

Ẹ̀kẹta, ẹ di ẹnu íápíìsì mú gírígírí kí ó má lè mì, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì máa tẹ okùn rẹ̀ síwá sẹ́yìn ní ibi tí ó ti jáde láti ìdí rọ́bà. Bí ohùn bá ń já níbẹ̀, okùn ló ti já nínú, fóònù kò ní àléébù kankan.

Láti yà irin tí ó rọ̀ kúrò lára òjé tí ó sán, ẹ kíyè sí bí íápíìsì ṣe ń wọlé. Bí kò bá dún “kọ́” mọ́, tí ẹ sì dorí fóònù kodò tí íápíìsì yọ́ jáde fúnra rẹ̀, irin ṣóńṣó ti rọ̀ tàbí ìdọ̀tí kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá dún “kọ́” tí ó sì dúró gírí, ṣùgbọ́n tí ohùn ń já bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, pàápàá tí ohùn tún ń já bí ẹ bá fún ara fóònù fúnra rẹ̀ pọ̀ nítòsí ihò láìfọwọ́ kan íápíìsì, òjé ni kí ẹ máa rò.

Bí a ṣe ń nù ún

Ẹ pa fóònù, kí ẹ sì yọ bátìrì bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a lè yọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò. Inú ihò tí ó mọ́ a máa tàn, ẹ ó sì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ náà bá rí wúruwùru tí kò sì tàn, òwú aṣọ láti inú àpò ni, tí a ti fi ẹnu íápíìsì gún mọ́lẹ̀ títí ó fi le. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bá òwú yìí pọ̀.

Ẹ lo igi ìtayín tí ẹ ti fi ọ̀bẹ fá kí ó tínrín sí i, tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí a fi ń nu àárín eyín. Ẹ tì í bọ inú ihò lọ́nà gbọọrọ títí ó fi kan ìsàlẹ̀, ẹ yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì gbé e jáde. Kí fóònù dojú ihò kọlẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí kí ohun tí ó bá tú lè jábọ́. Ẹ má ṣe lo abẹ́rẹ́ tàbí pín-ìn-nì. Ṣóńṣó irin yóò há sábẹ́ irin ìfarakàn, bí ẹ bá sì fà á jáde, yóò gbé irin náà wá síwájú, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ yóò ṣẹ́ ẹ. Ẹ má sì ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí pé itọ́ a máa bá atẹ́gùn wọlé.

Nígbà tí òwú bá ti jáde, ẹ mú sípíríìtì áísópúrópílì, irú èyí tí àwọn ẹnjinía fi ń nu bọ́ọ̀dù, tí agbára rẹ̀ tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ta á sára búrọ́ọ̀ṣì ní ìwọ̀n tí kò ní kán sílẹ̀. Ẹ fi nu inú ihò yíká, lẹ́yìn náà kí ẹ nu ẹnu íápíìsì pẹ̀lú aṣọ tí sípíríìtì wà lára rẹ̀, kí ẹ sì ti íápíìsì bọ ihò, kí ẹ fà á jáde, ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá, kí irin lè fi ara wọn nu ara wọn nígbà tí sípíríìtì kò tíì gbẹ. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó tan án. Omi, kẹrosíìnì, pẹtiróòlù àti lọ́fínńdà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Omi ń mú irin dógùn-ún sí i, epo ń fi ọ̀rá sílẹ̀ tí eruku yóò lẹ̀ mọ́, pẹtiróòlù lè ba rọ́bà inú ihò jẹ́, àwọn èròjà olóòórùn dídùn inú lọ́fínńdà sì ń dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọtí rẹ̀ bá gbẹ tán.

Ibi tí nínù mọ ni pé kò lè dá wúrà padà. Bí irin bá ti jẹ, ohùn yóò mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mọ̀ pé ihò tuntun ni ó kù.

Fóònù aláàdìrẹ kan

Obìnrin kan tí ó ń ṣe àdìrẹ ní Òṣogbo a máa fi fóònù rẹ̀ sínú àpò épúrọ́ọ̀nù nígbà tí ó bá ń ya àbẹ́là sára aṣọ, rédíò ló sì ń gbọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Fóònù náà ti pẹ́, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí tí bátìrì rẹ̀ sì ń yọ, ihò íápíìsì rẹ̀ sì wà lókè. Ohun tí ó sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tún fóònù ṣe ni pé, “Orin ń dún, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ẹni tó ń kọ ọ́, ìròyìn ò sì dún rárá.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bi í ní ìbéèrè mìíràn, ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi íápíìsì yẹn fún mi kí n fi sínú fóònù tèmi ná.” Ó dún dáadáa níbẹ̀. Íápíìsì tirẹ̀ náà sì ṣe bákan náà nínú fóònù ìyá yẹn: orin ọ̀nà jíjìn, ìròyìn tí kò dún. A ti mọ̀ báyìí pé ọ̀nà àbọ̀ ni, inú fóònù ló sì wà.

Nígbà tí wọ́n yí íápíìsì, ó ha díẹ̀, etí òsì sì ń wá ó ń lọ. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ojú fóònù, ohùn akọrin wọlé kedere. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn, ó tún lọ. Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀, èkíní ń bo èkejì. Tọ́ọ̀ṣì fi òwú aláwọ̀ aró hàn ní ìsàlẹ̀ ihò, àbẹ́là sì ti dì mọ́ ọn. Sípíríìtì kì í yọ́ àbẹ́là, nítorí náà igi ìtayín ni ó fi fọ́ ọ wẹ́wẹ́ tí ó sì ń gbé e jáde díẹ̀díẹ̀, kí ó tó wá fi sípíríìtì nu ibi tí ó kù. Lẹ́yìn èyí, íápíìsì dún “kọ́”, etí òsì sì dúró. Ṣùgbọ́n ohùn akọrin ṣì ń lọ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn fóònù. Ibẹ̀ ni ó tó sọ fún ìyá náà pé òun yóò tú u.

Kí ó tó tú u, ó yọ bátìrì, ó sì fi mítà wọ̀n ọ́n ní óòmù, ìyẹn ìwọ̀n bí ọ̀nà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó. Ó ní ẹnu íápíìsì àlòkù kan tí ó ti gé okùn rẹ̀, tí ó sì ti ṣí wáyà ọ̀nà àbọ̀ síta. Ó fi èyí sínú ihò, ó so ọwọ́ mítà kan mọ́ wáyà náà, ó sì fi ọwọ́ kejì kan irin òdì níbi tí bátìrì ti ń jókòó. Ọ̀nà àbọ̀ àti òdì bátìrì so pọ̀ mọ́ ara wọn lórí bọ́ọ̀dù, nítorí náà ó yẹ kí mítà sún mọ́ 0 kí ó sì dúró síbẹ̀. Ní tirẹ̀, ó sún mọ́ 0, ó tún fò lọ bí ẹni pé kò sí wáyà rárá nígbàkúùgbà tí ó bá tẹ ẹnu íápíìsì sí ẹ̀yìn. Ọ̀nà kan náà la fi ń yẹ íápíìsì fúnra rẹ̀ wò: láàárín ṣóńṣó àti apá kẹta, ọ̀pọ̀ íápíìsì máa ń fi nǹkan bí óòmù 16 sí 32 hàn, bí nọ́ńbà bá sì ń fò bí a ti ń tẹ okùn, okùn ló já.

Nígbà tí ó ṣí i, ó fi dígí ìmú-nǹkan-tóbi wo ìdí ihò náà. Ẹsẹ̀ mẹ́rin jókòó nínú òjé dídán. Yíká ẹsẹ̀ ìkarùn-ún, ìlà dúdú tínrín kan wà láàárín irin àti òjé, nígbà tí ó sì fi ike ti ihò díẹ̀, ìlà náà ń là ó ń pa dé. Ó fi ohun ìfọ̀jé díẹ̀ sí i, èyí tí ń jẹ́ kí òjé lẹ̀ mọ́ irin, ó fi irin gbígbóná kàn án títí òjé àtijọ́ fi yọ́, ó fi òjé tuntun díẹ̀ kún un, ó sì jẹ́ kí ó tutù láìfọwọ́ kàn án. Ó tún fi òjé kún àwọn ẹsẹ̀ ńlá méjì tí kì í gbé ohùn, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n di ihò mú lọ, nítorí pé bí àwọn wọ̀nyẹn bá ti ń mì, òjé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jó yóò tún sán.

Bí ó bá jẹ́ pé kí a pààrọ̀ ihò náà ni

Bí irin inú ihò bá ti jẹ tàbí tí ó ti ṣẹ́, òjé kò ní ràn án. Ohun tí ó yẹ kí ẹ bi ẹnjinía ni bí ihò náà ṣe jókòó. Nínú àwọn fóònù kan, ihò wà lórí rọ́bà pẹlẹbẹ tí wáyà wà nínú rẹ̀ tí a ń yọ tí a sì ń fi òmíràn sí láìjó nǹkan kan. Iṣẹ́ yìí kò pẹ́. Nínú òmíràn, ó wà lórí bọ́ọ̀dù kékeré pọ̀ mọ́ ihò ṣájà, ó sì sábà máa ń rọrùn kí a pààrọ̀ bọ́ọ̀dù kékeré náà lódindi. Èyí tí ó le ni èyí tí a jó mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná ni wọ́n máa fi yọ ọ́, ooru náà sì lè yọ́ ike tí ó wà nítòsí tàbí kí ó tú àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn. Kò sí ìdí tí bátìrì fi gbọdọ̀ wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Fún irú fóònù bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti pẹ́ gan-an, mo rò pé ó sàn kí a ra íápíìsì Bùlútúùtù ju kí a fi bọ́ọ̀dù ńlá wewu. Ẹ rántí pé rédíò inú fóònù kì yóò ní eríàlì mọ́ bí ó bá jẹ́ Bùlútúùtù nìkan la ń lò, àfi kí okùn kan ṣì wà nínú ihò.

Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi irin tẹ irin ìfarakàn síwájú láti ojú ihò. A lè tẹ̀ ẹ́ padà nígbà tí ihò bá ti wà ní ìta tí a sì ń rí ẹ̀yìn irin náà, ṣùgbọ́n láti ojú ihò, bí afọ́jú ni a ṣe ń ṣe é, irin tí ó sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í pẹ́ rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ẹnjinía tó pa fóònù dé, ẹ ní kí ó so bátìrì, kí ẹ sì dán an wò lójú rẹ̀ ní ọ̀nà tí ẹ gbà mọ àìsàn náà: orin tí akọrin wà láàárín, ìròyìn ẹnìkan ṣoṣo, rédíò, kí ẹ yí íápíìsì po, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá ọ̀nà tí ohùn ti ń já tẹ́lẹ̀. Ẹ pe ẹnìkan pẹ̀lú, kí ẹ sì bi í bóyá ó ń gbọ́ yín, nítorí pé irin máìkì kò ní fi ara rẹ̀ hàn nínú orin. Bí ẹ bá ń fi fóònù sínú àpò lẹ́yìn èyí, kí ẹnu íápíìsì wà lókè; èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́ sàn ju èyí tí ó nà gbọọrọ lọ, nítorí pé kì í yọ síta púpọ̀, nǹkan kì í sì rí i tẹ̀.